Ìrẹsì Inú Kúlà: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ìlọ́po Bakitéríà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú bírò kan àti abala ìwé kan sítòsí, ìṣírò la fẹ́ ṣe lálẹ́ yìí. Kò le rárá. Ẹni tó bá ti lè sọ iye kan di ìlọ́po méjì, tó sì tún lè sọ èyí tó rí di ìlọ́po méjì, ó ti mọ ìdajì rẹ̀.

Inú kúlà ìrẹsì ni ìṣírò náà ti wá bá mi. Mo ní àǹtí kan tó jẹ́ alásè, òun ló ń se oúnjẹ ìnáwó fún ọ̀pọ̀ èèyàn ládùúgbò wa. Bí ìkómọ bá wà lọ́sàn-án Sátidé, alẹ́ Fúráìdé ló ti máa ń se ìrẹsì. Tó bá jinná, á kó o sínú kúlà ńlá, á dé e pa, á lọ sùn. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo bá a níbi tó ti ń kó o, mo ní, "Àǹtí, ṣé ibẹ̀ ni ìrẹsì yìí máa wà títí di ọ̀sán ọ̀la?" Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Kí ló máa ṣe é? Ṣebí mo ti sè é jinná. Bó bá sì tutù, màá tún gbé e kaná."

"Kí ló máa ṣe é?" Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn.

Bakitéríà kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Básílọ́ọ̀sì sẹ́réọ̀sì. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, láti ibẹ̀ ló sì ti máa ń bá ìrẹsì wọ inú àpò. Bí ayé bá le fún un, á ká ara rẹ̀ jọ sínú èèpo líle kan, á sùn síbẹ̀ bí irúgbìn tó gbẹ. Omi híhó tó ń mú ìrẹsì jinná kì í pa gbogbo àwọn tó sùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí iná bá kú, tí ìrẹsì wá lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á jí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, wọ́n á sì máa pín.

Ẹ jẹ́ ká tẹjú mọ́ pípín yẹn. Bakitéríà kì í lóyún, kì í yé ẹyin. Ọ̀kan á gùn díẹ̀, á là láàárín, á di méjì. Méjì náà á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ. Iye àsìkò tó ń gbà kí wọ́n tó di ìlọ́po méjì ni màá máa pè ní àkókò ìlọ́po lálẹ́ yìí. Í kólì tó ń gbé inú ìfun wa, bó bá rí oúnjẹ tó dára tí ara rẹ̀ sì móoru bí ara èèyàn, nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú ni tirẹ̀. Ti inú ìrẹsì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 30 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, kò jìnnà sí 30 ìṣẹ́jú. Èyí la máa fi ṣírò.

Ẹ jẹ́ ká ní 100 bakitéríà ló wà nínú gíráàmù ìrẹsì kan, ìyẹn bíi ṣíbí kékeré kan tí kò tilẹ̀ kún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín ní aago méjìlá òru. Mélòó ni wọ́n máa jẹ́ ní aago márùn-ún ìdájí?

Mo bi àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìbéèrè yìí. Ọ̀kan dìde kíá, ó ní, "Ẹgbẹ̀rún méjì, sà." Mo ní kó ṣàlàyé. Ó ní wákàtí márùn-ún ní ìdajì wákàtí mẹ́wàá nínú, ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, méjì lọ́nà mẹ́wàá jẹ́ ogún, ogún lọ́nà ọgọ́rùn-ún sì jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì. Apá àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dára gan-an. Ibi tó ti ṣìnà ni "méjì lọ́nà mẹ́wàá". Ìyẹn máa tọ̀nà ká ní àwọn ọgọ́rùn-ún tó kọ́kọ́ wà nìkan ló ń bímọ, tí àwọn ọmọ wọn ń wòran. Àmọ́ ọmọ ń pín, ọmọ ọmọ náà ń pín.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kẹ́ ẹ rí i. Aago méjìlá, ọgọ́rùn-ún. Ìdajì wákàtí, igba. Aago kan, irinwó. Aago kan ààbọ̀, ẹgbẹ̀rin. Aago méjì, ẹgbẹ̀jọ. Aago méjì ààbọ̀, ẹgbẹ̀rìndínlógún. Ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé àwọn baba wa ti ṣe ìṣírò yìí fún wa sínú orúkọ nọ́ńbà? Ẹgbẹ̀rin ni igba lọ́nà mẹ́rin, ẹgbẹ̀jọ ni igba lọ́nà mẹ́jọ, ẹgbẹ̀rìndínlógún ni igba lọ́nà mẹ́rìndínlógún. Mẹ́rin, mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún: ìlọ́po náà ló ń dún lẹ́nu wa yẹn. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ń ka èyí fún àwọn ọmọ tó rò pé Yorùbá kò bá ìṣírò rìn.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀síwájú. Aago mẹ́ta, 6,400. Mẹ́ta ààbọ̀, 12,800. Mẹ́rin, 25,600. Mẹ́rin ààbọ̀, 51,200. Aago márùn-ún gééré, 102,400. Ẹgbẹ̀rún méjì tí ọmọ yẹn sọ kò tó nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ sì kíyè sí èyí: ní aago mẹ́rin ààbọ̀, ìdajì péré ni wọ́n ṣì jẹ́. Ìdajì wákàtí tó kẹ́yìn yẹn nìkan bí tó gbogbo èyí tí wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ti kó jọ.

Ohun tí a ṣe ni pé a wá iye ìgbà tí wọ́n pín, a sì fi èjì lọ èjì ní iye ìgbà yẹn. Ní ìgbà mẹ́wàá, èjì á di 1,024. A wá fi iye tí a fi bẹ̀rẹ̀ lọ̀ ọ́. Fún ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ jáde, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí:

```
N = N0 × 2^(t/g)
```

N0 ni iye tí a fi bẹ̀rẹ̀, N ni iye tó dà, t ni àsìkò tó kọjá, g sì ni àkókò ìlọ́po. Ẹ fún t àti g ní ìwọ̀n kan náà. Bí ọ̀kan bá wà ní wákàtí tí èkejì wà ní ìṣẹ́jú, ìdáhùn á bàjẹ́. Mo ti rí ẹni tó fi ọgbọ̀n pín márùn-ún, tó wá sọ fún mi pé láti alẹ́ di ìdájí, bakitéríà ò tíì pín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí ìdáhùn bá rí bẹ́ẹ̀ lójú yín, ẹ padà lọ wo wákàtí àti ìṣẹ́jú yín kẹ́ ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn.

Bí ìpín náà ò bá wá já síbi tó gún ńkọ́? Ká ní òru tutù díẹ̀, àkókò ìlọ́po wá di 45 ìṣẹ́jú, tí ìrẹsì sì wà níbẹ̀ fún wákàtí méje. Wákàtí méje jẹ́ 420 ìṣẹ́jú. Ẹ fi 45 pín in, ó jẹ́ ìgbà mẹ́sàn-án àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Àwọn kan á ju ìdá kan nínú mẹ́ta yẹn nù, pé kò sí bakitéríà tó lè pín ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Òótọ́ ni pé kò sí. Àmọ́ àwọn bakitéríà kì í pín lẹ́ẹ̀kan náà bí ọmọ ogun tó ń yan. Bí àwọn kan ṣe ń là lọ́wọ́ ni àwọn mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gùn, nítorí náà iye wọn ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láì dúró. Ẹ tẹ 2 sórí ẹ̀rọ ìṣírò, kẹ́ ẹ gbé e dé agbára 9.33, ẹ máa rí nǹkan bí 645. Tí 100 bá lọ̀ ọ́, ó di bíi 64,500. Ẹni tó bá ju ìdá náà nù á mú 51,200, èyí tó dín ní ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá.

Ìbéèrè kejì ló wúlò jù fún alásè: ìgbà wo ni wọ́n máa tó iye kan tó léwu? Tí bakitéríà yìí bá ti tó 100,000 nínú gíráàmù kan, oúnjẹ náà ti wà níbi tí ó ti lè mú ènìyàn bì. Iye ìgbà tí wọ́n máa pín la kọ́kọ́ ń wá. A ó fi iye tí a fi bẹ̀rẹ̀ pín iye tí a ń lọ. Ọgọ́rùn-ún kan sínú 100,000 jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan. Ìbéèrè náà ti di: ìgbà mélòó ni èjì máa lọ èjì kó tó di ẹgbẹ̀rún? Ẹ fi ọwọ́ kà á: 2, 4, 8, 16, 32, 64, 128, 256, 512, 1,024. Ó ti kọjá díẹ̀ ní ẹ̀kẹwàá. Ẹni tó bá fẹ́ kó gún régé á lo lọ́gì:

```
t = g × log(N/N0) / log 2
```

Lọ́gì ẹgbẹ̀rún jẹ́ 3, lọ́gì èjì jẹ́ 0.301. Ẹ fi èyí pín ìyẹn, 9.97 ni. Ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ìgbà kọ̀ọ̀kan, ó kù bí ìṣẹ́jú kan kó pé wákàtí márùn-ún.

Àǹtí mi gbọ́ èyí, ó ní, "Ó dáa, màá fọ ìrẹsì mi dáadáa kí n tó sè é. Bí wọ́n ò bá pọ̀ níbẹ̀rẹ̀, wọn ò ní pọ̀ lẹ́yìn." Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, mo sì bá a ṣírò rẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká ní ẹ fọ̀ ọ́ débi pé mẹ́wàá péré ló kù nínú ọgọ́rùn-ún. Láti mẹ́wàá dé 100,000 jẹ́ ìlọ́po ẹgbàárùn-ún. Lọ́gì rẹ̀ jẹ́ 4. Ẹ fi 0.301 pín in, ìgbà 13.3 ni. Wákàtí mẹ́fà àti ogójì ìṣẹ́jú." Ó dákẹ́. Ó ní, "Gbogbo fífọ̀ yẹn, wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú péré ló fún mi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ló sì máa rí nígbàkúùgbà: ẹni tó bá dín iye ìbẹ̀rẹ̀ kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá, àkókò ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀ ló jèrè, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo bó ṣe máa rí tí a bá fi iye ìbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, tí a fọwọ́ kan àkókò ìlọ́po. Tí òtútù bá sọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn di wákàtí mẹ́ta, ìgbà 9.97 kan náà á gba nǹkan bí ọgbọ̀n wákàtí. Nínú fírìjì tó tutù dáadáa, tí kò ju ìwọ̀n 4 lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í fẹ́ pín mọ́. Ooru náà ń ṣiṣẹ́ yẹn láti òdìkejì: ìrẹsì tí iná ń jó nídìí rẹ̀, tó gbóná ju 60 lọ, wọn kì í lè pín nínú rẹ̀. Àárín méjèèjì ni ewu wà, kúlà tí a dé pa sì ni ibi tí oúnjẹ ti ń pẹ́ jù láàárín yẹn. Ṣebí nítorí kó má tètè tutù la ṣe rà á.

Ní ti gbígbé e kaná padà, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ ọ̀pọ̀ ìyá nínú. Iná á pa bakitéríà tó ti jí. Ṣùgbọ́n irú èyí tó ń fa èébì ti tu oró sínú ìrẹsì kí iná náà tó dé, oró yẹn kì í sì kú nínú ìkòkò. Ìwọ̀n ooru 121, tó ju ti omi híhó lọ, kì í bà á jẹ́ fún wákàtí kan ààbọ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bì láàárín wákàtí kan sí mẹ́fà, nígbà tí wọ́n ṣì ń jó níbi ìnáwó lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ìṣírò yìí ti ń tan èèyàn. Ẹ gba Í kólì kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ fún un ní ogún ìṣẹ́jú àti ọjọ́ méjì. Ìgbà 144 ló máa pín. Gbogbo wọn lápapọ̀ á wúwo ju ayé tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ yìí lọ ní ohun tó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìlọ́po. Ayé ṣì wà, nítorí náà ibì kan wà tí wọ́n ti ń dúró. Oúnjẹ á tán, ìdọ̀tí ara wọn á kan wọ́n lára. Nínú omi ọbẹ̀ tí wọ́n fi ń sin wọ́n ní yàrá àyẹ̀wò, wọn kì í sábà ju bílíọ̀nù mélòó kan lọ nínú mìlílítà kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ náà, wọn kì í pín lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí kì í sáré. Wọ́n lè lo wákàtí kan tàbí méjì láti fi múra. Bí ìdánwò bá sọ irú àsìkò ìmúra bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú t kẹ́ ẹ tó pín in.

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé òun ṣì wà níbi tí ìṣírò náà ti ń ṣiṣẹ́? Á kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, á fi wá àkókò ìlọ́po. Ká ní 4,000 la kà ní wákàtí kejì, 64,000 sì ni ní wákàtí kẹrin. Ìlọ́po mẹ́rìndínlógún nìyẹn, ìgbà mẹ́rin ni wọ́n pín láàárín 120 ìṣẹ́jú, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dára. Tí a bá wá kà á ní wákàtí kẹwàá tó jẹ́ 200 mílíọ̀nù, tó sì jẹ́ 250 mílíọ̀nù ní wákàtí kejìlá, ìlọ́po kan àti ìdámẹ́rin péré nìyẹn, ìdá kan nínú mẹ́ta ìgbà kan. Àkókò ìlọ́po ti di bíi wákàtí mẹ́fà. Ìṣírò wa ò wúlò mọ́ níbẹ̀ yẹn.

Àkókò ìlọ́po yìí kan náà ló fà á tí ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò fún ikọ́ ife fi máa ń pẹ́ kó tó rí èsì, tó bá jẹ́ pé gbígbìn ni wọ́n gbin kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Kí ọ̀kan tó di mílíọ̀nù kan, bíi ogún ìgbà ló máa pín. Fún Í kólì, kò tó wákàtí méje. Ti bakitéríà ikọ́ ife lè gba wákàtí 18 kó tó pín lẹ́ẹ̀kan. Ogún lọ́nà 18 jẹ́ 360 wákàtí, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, láì tíì ka àsìkò ìmúra. Kì í ṣe pé àwọn tó wà ní yàrá àyẹ̀wò ń sùn.

Mo padà sọ́dọ̀ àǹtí mi. Ó ní, "Èmi ò mọ lọ́gì. Sọ fún mi, aago kan ọ̀sán làwọn èèyàn máa jẹun. Ìgbà wo ni kí n sè é?" Mo ní ká kọ́kọ́ wo bó ṣe ń ṣe é. Ká ní ìrẹsì rẹ̀ bọ́ sínú wọ́ọ́rọ́ ní aago mẹ́ta òru. Sí aago kan ọ̀sán, wákàtí mẹ́wàá. Ẹ yọ méjì fún ìmúra, ó ku mẹ́jọ, ìgbà mẹ́rìndínlógún. Ọgọ́rùn-ún á di 6,553,600. Ó ní, "Nínú ṣíbí kékeré?" Mo ní, "Tí kò tilẹ̀ kún, mà."

A wá ṣírò rẹ̀ padà sẹ́yìn láti orí tábìlì wá sí orí iná. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ju 1,000 lọ, kó lè jìnnà sí 100,000 yẹn dáadáa. Láti 100 dé 1,000 jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá, ìgbà 3.3, wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú. Mi ò ka àsìkò ìmúra mọ́ ọn, nítorí mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ti jí. Ìyẹn ni pé ìrẹsì náà kò gbọ́dọ̀ bọ́ kúrò lórí gbígbóná kó tó di aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Tó bá jẹ́ dandan kó sè é lálẹ́, kó tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sínú àwọn tíréè, kó tètè tutù, kó sì wọ fírìjì lójú ẹsẹ̀. Ó wo fírìjì rẹ̀, ó wo ìkòkò ìrẹsì tó tó àádọ́ta èèyàn jẹ, ó rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ó yé mi. Aago méje àárọ̀ ni ká dáná." Ó sì fi ìka tọ́ka sí mi. "Ìwọ tó o ṣírò rẹ̀, aago mẹ́fà ni kó o ti wá bá mi la igi."